Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ìpolówó ọṣẹ mi padà, wọ́n sì tún ti àkáǹtì pa

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọṣẹ dúdú ni mo ń sè, níbí ní Òkè-Fíà, Òṣogbo. Mo gbé ìpolówó sí Fesibúùkù, wọ́n dá a padà. Mo tún un kọ, wọ́n tún dá a padà, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Àbúrò mi bá mi ṣí àkáǹtì ìpolówó mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà, a fi ìpolówó kan náà síbẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ti àkáǹtì méjèèjì, èmi fúnra mi kò sì lè polówó nǹkan kan mọ́. Kí ni mo ṣe? Ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, ìgbà yẹn gan-an ni àlejò ń ra ọjà mi.

---

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Màmá, nọ́ńbà NAFDAC ni wọ́n ń wá lára ọṣẹ yín. Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ pa àkáǹtì méjèèjì rẹ́, kí ẹ ra àkáǹtì àgbà, èyí tó ti tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọn kì í yẹ irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ wò púpọ̀. Mo mọ ẹni tó ń tà á. Ẹ kàn máa fi VPN wọlé, kí wọ́n má mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́.

Ọmọ Ìgbọ̀nà, má bínú, ohun tó ti ìyá mọ́ta gan-an lo tún ní kí wọ́n lọ ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n dá ìpolówó padà, ọ̀ràn kékeré ni. Èmi tí mo ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù polówó láti bí ọdún mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má dá ọ̀kan padà fún mi. A ó tún un ṣe, ó parí. Ohun tí ìyá ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ló le. Ẹni tí wọ́n ní kó má tíì wọlé, kó lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, òun ló gba ẹ̀yìnkùlé fo ògiri wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nínú òfin Fesibúùkù, orúkọ tí wọ́n pe ìyẹn ni Circumventing systems. Ó burú ju ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ fíìfíì, nítorí ó fi hàn wọ́n pé ẹ ń gbìyànjú láti yẹ àyẹ̀wò sílẹ̀.

Kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyá, ẹ bá mi kọ ìpolówó náà síbí bó ṣe wà gan-an. Ẹ sọ irú àwòrán tó wà níbẹ̀, àti ibi tí ènìyàn máa bọ́ sí tó bá tẹ̀ ẹ́.

---

Àdìrẹ Òkè-Bálẹ̀

Èmi náà wà nínú ìṣòro yìí. Wọ́n dá ìpolówó àdìrẹ mi dúró, àdìrẹ kò sì wo àrùn kankan, kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC tí yóò ní. Owó ni wọ́n ń wá. Mo fi káàdì mi sí i, wọ́n gé owó lẹ́ẹ̀kan, nígbà kejì wọ́n ní káàdì náà kọ̀. Mo fi ti ìyàwó mi, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo fi ti ọ̀rẹ́ mi, ó kọ̀. Mo fi ti aládùúgbò mi, ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba nìyẹn?

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Ohun tí mo kọ nìyí:

«Ṣé ìrorẹ́ ti ba ojú rẹ jẹ́? Ṣé ara rẹ ti dúdú jù? Ọṣẹ wa yóò sọ ọ́ di òyìnbó ní ọjọ́ 7 péré! Bí kò bá ṣiṣẹ́, gba owó rẹ padà.»

Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀, ojú ọmọbìnrin kan kó tó lo ọṣẹ àti lẹ́yìn tó lò ó. Nígbà tí wọ́n dá a padà, mo yọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kúrò. Nígbà kejì mo yọ ọjọ́ 7. Nígbà kẹta mi ò yí nǹkan kan padà, mo kàn tún un gbé sókè, bóyá ẹlòmíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, yóò bọ́ sí wẹ́ẹ̀bù tí ọmọ kan ṣe fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin inú àwòrán náà kì í ṣe oníbàárà mi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ẹ ṣé tí ẹ kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ti ṣí wẹ́ẹ̀bù náà, mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ yẹ ìpolówó wò, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì kọjá wákàtí 24. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nìkan kọ́ ló ń wò. Ó ń wo àwòrán, ó ń ka ohun tí ẹ kọ sójú àwòrán, ó ń wo ẹni tí ẹ ní kí wọ́n fi hàn, ó sì ń bá líǹkì dé ibi tó lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi yọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì dá a padà. Ẹ tún ìka kan ṣe lára ọwọ́ tó ti kán.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. «Ṣé ìrorẹ́ ti ba ojú rẹ jẹ́?» Ẹni tó ń ka ìpolówó yìí, ẹ̀yin ni ẹ ń sọ fún un pé ìrorẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ìpolówó máa tọ́ka sí ènìyàn pé o lárùn báyìí, o jẹ gbèsè, o jẹ́ ẹlẹ́sìn báyìí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé «Ọṣẹ dúdú fún ojú tó ní ìrorẹ́», ọṣẹ lẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ «rẹ» tàbí «ẹ» ni wọn kò fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. «Ra ọṣẹ rẹ níbí» kò ní wàhálà kankan.

Àwòrán kó tó lò ó àti lẹ́yìn tó lò ó: ẹ gbàgbé rẹ̀ pátápátá tó bá jẹ́ ọjà ara. Òfin kan wà lórí ìlera àti ìrísí ara. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí ìpolówó má máa mú kí ènìyàn kórìíra ara rẹ̀. Ó sì tún wá jẹ́ pé àwòrán oníṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Tí ẹni tó ni àwòrán náà bá fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ kejì nìyẹn.

«Di òyìnbó ní ọjọ́ 7»: ìlérí tí kò ṣeé ṣe ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọṣẹ dúdú kì í bó ara. Tí ẹ bá sì ń ta ohun tó ń bó ara, ọ̀rọ̀ yóò kọjá Fesibúùkù, yóò di ti NAFDAC.

Ó wá ku wẹ́ẹ̀bù. Ọmọ tó ṣe é kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọṣẹ yín ń wo làpálàpá, kúrúnà àti ẹ̀tẹ̀, ó sì fi «ọṣẹ àwúre» sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ìyá, ẹ ìbá wẹ ìpolówó yẹn mọ́ bí omi òjò, ìdí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

---

Oníṣègùn Ìdí-Àgbàrá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Alápolówó, ta ló sọ fún ọ pé ọṣẹ kì í wo làpálàpá? Bàbá mi fi wo ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn. Àwọn tó jókòó sílẹ̀ òkèèrè ni yóò wá sọ fún wa nípa ewé tó wà lẹ́yìn ilé wa? Ẹ kọ ìpolówó yín ní Yorùbá ìjìnlẹ̀, ìyá. Ẹ̀rọ wọn kò gbọ́ ọ. Èmi máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń kọjá.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò sọ pé ọṣẹ kì í wo làpálàpá. Mo ní ẹ kò lè sọ ọ́ nínú ìpolówó láìní ẹ̀rí tí ẹ lè gbé síta. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà yín láàyè láti sọ ọ́. Fesibúùkù nìkan kọ́ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa níbí, ọjà tí NAFDAC ń bójú tó, ìpolówó rẹ̀ ní àṣẹ tó gbọ́dọ̀ gbà. ARCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, náà tún wà, òfin ọdún 2022 ló fún un lágbára pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà ni ARCON pe Meta tó ni Fesibúùkù lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n ń béèrè ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí wọn kò yẹ̀ wò. Nítorí náà, ti ìyá ọlọ́ṣẹ, ojú méjì ló ń wò wọ́n.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìgbọ̀nà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. NAFDAC ṣe pàtàkì, kí ìyá lọ forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ Fesibúùkù kò wá nọ́ńbà NAFDAC lára ike ọṣẹ. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà náà tó ṣì kọ «ọjọ́ 7», wọ́n máa dá a padà.

Ti Yorùbá ìjìnlẹ̀: ó lè kọjá lónìí. N kò bá yín jiyàn, mo ti rí èyí tó kọjá. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní èdè. Wẹ́ẹ̀bù yín lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹni méjì mẹ́ta bá sì tẹ̀ ẹ́ pé ìpolówó yìí ń parọ́, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Wọ́n lè dá ìpolówó tó ti ń lọ láti ọjọ́ méjìlá dúró, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọjá kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

---

Oníṣègùn Ìdí-Àgbàrá

Ọ̀rọ̀ rẹ gún ní apá kan. Apá kejì, màá ṣì máa kọ Yorùbá mi lọ.

---

Tíṣà Máàkẹ́tì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè. Mò ń bá ènìyàn mẹ́fà ṣe péèjì, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Orúkọ mi ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù wọn. Oníbàárà mi kan tó ń ta oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ dí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń ta bàtà àti ẹni tó ń ya fọ́tò náà kò lè polówó mọ́. Bàtà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni! Kí ló dé?

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ìwọ ni ìdí rẹ̀, ọmọ mi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù síbí, nítorí ibí ni ìṣòro Òṣogbo wa pọ̀ sí jù. Ohun mẹ́rin ni wọ́n lè fòté lé: péèjì, àkáǹtì ìpolówó, ilé tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí tí wọ́n ń pè ní Business portfolio, àti ènìyàn fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá dí àkáǹtì ìpolówó kan, àkáǹtì yẹn ló wà nínú ìṣòro. Tí wọ́n bá dí ènìyàn, gbogbo ibi tí ènìyàn náà bá ti ń polówó ló kàn. Tíṣà, nígbà tí wọ́n dí ìwọ, gbogbo ohun tó so mọ́ ọ lọ́rùn ló bá ọ rọ̀. Oníbàtà rẹ kò ní alákòóso mìíràn yàtọ̀ sí ọ.

Ó yẹ kí oníbàtà ní ilé tirẹ̀. Kó lọ sí business.facebook.com, kó dá portfolio sílẹ̀ lórúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kó mú péèjì rẹ̀ wọ inú rẹ̀, kó sì ṣí àkáǹtì ìpolówó níbẹ̀. Òun àti ẹnìkan tó fọkàn tán, bóyá ìyàwó rẹ̀, ni kó ní agbára kíkún. Ìwọ, àyè láti ṣe ìpolówó nìkan ni kó fún ọ, nípasẹ̀ ímeèlì rẹ. Tí ìwọ náà bá ti ní portfolio tìrẹ, kó fún ọ ní àyè gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe, nọ́ńbà portfolio rẹ lo máa fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá ya ara yín, á yọ ọ́, pásíwọ́ọ̀dù kankan kò sí láti yí padà. Kí oníkálukú sì tan ìdánilójú onípele méjì, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún máa béèrè kóòdù lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, nítorí àkáǹtì tí olè wọ̀ lóru, tó fi polówó ayédèrú, olóhun ni wọ́n ń bá wí láàárọ̀.

Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń pín kiri yìí burú ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá wà ní Òkè-Fíà, wọ́n rí i pé ó wọlé láti fóònù rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan ó wọlé láti kọ̀ǹpútà mìíràn, VPN sì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Lójú ẹ̀rọ, olè ni.

---

Tíṣà Máàkẹ́tì

Ṣùgbọ́n sà, àwọn oníbàárà mi kò fẹ́ gbọ́ portfolio. Wọ́n á ní «gba pásíwọ́ọ̀dù, ṣe é fún mi». Tí mo bá ń ṣàlàyé, wọ́n á lọ bá ẹlòmíràn.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Jẹ́ kí wọ́n lọ. Tàbí kó o jókòó tì wọ́n fún ogójì ìṣẹ́jú, fóònù wọn lọ́wọ́ wọn, kó o máa tọ́ wọn sọ́nà. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo sì ń gba owó rẹ̀.

---

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń mú un le jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé àkáǹtì tuntun ni wọ́n ń fojú sí lára. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n ra àgbà nìyẹn. Ti àgbà ti gbóná, ó ti náwó, ó ti ní orúkọ.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fún àkáǹtì tuntun ní òdiwọ̀n owó tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lójúmọ́, tó bá ń san owó rẹ̀ dáadáa, òdiwọ̀n náà á máa gòkè. Nítorí náà, èmi kì í fi ₦50,000 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. ₦2,000 tàbí ₦3,000 lójúmọ́, ìpolówó kan tí kò ní àríyànjiyàn rárá, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bóyá ìyẹn ló ń «gbóná» àkáǹtì lóòótọ́ tàbí pé ó kàn jẹ́ kí n tètè rí àṣìṣe mi kí owó tó tán, èmi náà kò lè búra. Àwọn tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ń jiyàn lé e lórí.

Ti àkáǹtì rírà ló dá mi lójú. Orúkọ ẹlòmíràn ni, fọ́tò ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, NIN ta ni ẹ máa gbé síta? Ẹni tó tà á fún yín sì lè gbà á padà lọ́la, tòun ti owó tó wà nínú rẹ̀.

Àdìrẹ Òkè-Bálẹ̀, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

---

Àdìrẹ Òkè-Bálẹ̀

Mo ti rò pé ẹ ti gbàgbé mi.

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ti yín kì í ṣe ọ̀ràn òfin ìpolówó níbẹ̀rẹ̀ rárá. Gbèsè ni. Àwọn àkáǹtì kan máa ń kọ́kọ́ fi ìpolówó hàn, tí owó rẹ̀ bá dé iye kan, wọ́n á wá gé e lára káàdì. Káàdì yín kò ní owó tó lọ́jọ́ náà tàbí báńkì kò jẹ́ kó kọjá, gbèsè ṣẹ́kù, ìpolówó dúró. Ẹ̀ ìbá lọ sí ibi ìsanwó nínú Ads Manager, kí ẹ san iye tó ṣẹ́kù, ó máa ń tẹ̀síwájú. Ẹ̀yin wá ń gbé káàdì ènìyàn mẹ́rin wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fojú ẹ̀rọ wò ó: orúkọ mẹ́rin, àkáǹtì kan, méjì kọ̀. Ọmọ tó jí káàdì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ti ilẹ̀kùn.

Tí wọ́n bá ṣí i fún yín padà, káàdì kan ṣoṣo tó jẹ́ orúkọ yín. Tí àkáǹtì yín bá gbà yín láàyè láti kọ́kọ́ fi owó sínú rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, ìyẹn ló dáa jù fún ẹni tí báńkì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Owó tó bá tán, ìpolówó á dúró, gbèsè kò ní sí. Àti nígbà tí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì ìpolówó, ẹ fi ara balẹ̀ mú náírà àti àkókò Èkó. Mo ti rí ẹni tó mú dọ́là láìmọ̀. Kí ó tó yí i padà, ó ní láti ti àkáǹtì yẹn, kó ṣí òmíràn, gbogbo ìtàn rere tó ti ní sì dúró sẹ́yìn.

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun o. Èmi wá ńkọ́? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ìyá, wẹ́ẹ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ gbogbo àrùn kúrò, ẹ yọ àwúre kúrò. Àwọn kan á sáré lọ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀bẹ̀ nígbà tí ohun tí wọ́n fi bú wọn ṣì wà lójú wẹ́ẹ̀bù. Ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò á rí i, ẹ̀bẹ̀ yẹn á sì ṣòfò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Business Support Home lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tí wọ́n fòté lé lórúkọ yín máa jáde níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí tí wọ́n sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ ẹ̀yin gan-an, kì í ṣe lórí àkáǹtì. Tí ẹ bá rí Request review, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ gbé káàdì ìdánimọ̀ wá. Kí orúkọ tó wà lórí Fesibúùkù yín bá ti káàdì mu. Tí ẹ bá ti kọ «Ìyá Ọlọ́ṣẹ» síbẹ̀ bí orúkọ ara yín, ìyẹn ń bẹ lọ́nà yín. Orúkọ ìnagijẹ, péèjì ni ibùgbé rẹ̀.

Tí àyè bá wà láti kọ̀wé, ẹ má bú wọn, ẹ má sì sunkún. Kọ ọ́ báyìí: mo ti yọ àwòrán kó tó lò ó àti lẹ́yìn tó lò ó, mo ti tún wẹ́ẹ̀bù ṣe, àkáǹtì kejì jẹ́ àṣìṣe, mi ò ní lò ó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dúró. Ó lè gba ọjọ́ méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, àbúrò yín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kí ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀. Tí ẹ bá sì rò pé ìpolówó kan kò ṣẹ̀ rárá, ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ wúlò jù. Ti yín ṣẹ̀, nítorí náà àtúnṣe ló ń gba yín, ẹ̀bẹ̀ kàn ń tẹ̀lé e.

Ìpolówó tuntun tí mo bá yín kọ nìyí:

«Ọṣẹ dúdú ti Òṣogbo. Eérú kókó, àdín àti òrí la fi sè é. Ike gírámù 250, ₦2,500. Ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wátsáàpù, a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀.»

Àwòrán: ìkòkò tí ọṣẹ ń hó lórí iná, ọwọ́ yín lára igi ìrokò tí ẹ fi ń rò ó. Ìyẹn kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Kí ìpolówó gba Wátsáàpù lọ tààrà, kí wẹ́ẹ̀bù ṣì sinmi ná.

---

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Ìpolówó yìí kò ní iyọ̀ o. Ta ló máa ra ọṣẹ tí wọn kò ṣèlérí kankan lórí rẹ̀?

---

Àdìrẹ Òkè-Bálẹ̀

Èmi á rà á. Eérú kókó yẹn ló fà mí mọ́ra. Ọṣẹ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba báyìí, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Ọjọ́ mọ́kànlá rè é. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Orúkọ mi lórí Fesibúùkù yàtọ̀ sí ti NIN mi, òun ló kọ́kọ́ fà wá sẹ́yìn. Mo tún un ṣe, mo gbé NIN lọ, ọjọ́ kẹta wọ́n dá mi sílẹ̀. Àkáǹtì àkọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ kẹrin sí i. Èyí tí àbúrò mi ṣí, wọ́n ní ìpinnu àwọn kò yí padà mọ́, àbúrò mi náà kò sì lè polówó títí di òní. Mo ti dá portfolio sílẹ̀, èmi àti ọmọ mi àgbà la wà níbẹ̀. Ìpolówó tuntun kọjá láàárín wákàtí mẹ́rin. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ti kọ̀wé, mẹ́sàn-án ti rà. Kò tó iye tí ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ìbá mú wá, mi ò purọ́ fún yín.

Ṣé mo lè fi àbúrò mi kún alákòóso?

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ẹ má ì fi kún un. Àwọn kan ní kò léwu tó bá jẹ́ pé àyè kékeré lẹ fún un, èmi ti rí ibi tó ti dá wàhálà sílẹ̀, mo sì ti rí ibi tí nǹkan kan kò ṣe. Pẹ̀lú ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ yìí, n kò ní fi tiyín dán an wò.

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Ó dáa. Ó ku ẹyọ kan. Fún ọdún Ọ̀ṣun, mo fẹ́ ta ike méjì ní ₦4,500. Ṣé kí n wọ inú ìpolówó tó ń lọ yìí, kí n yí iye rẹ̀ padà?

---

Alápolówó Ògo-Olúwa

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, á padà sí àyẹ̀wò, á sì dúró títí wọ́n á fi parí. Tí wọ́n bá wá rí nǹkan kan nínú rẹ̀, èyí tó ń tajà fún yín ti lọ nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ kọ iye tuntun sínú ẹ̀dà náà, kí ẹ gbé e sókè ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àtijọ́ máa lọ títí tuntun á fi kọjá.

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Òkè-Fíà

Mo ti ṣe ẹ̀dà. Ó kọ In review síbẹ̀. Mo ti gbé fóònù fún ọmọ mi kí n má baà máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, mo ti padà sídìí ìkòkò.